Aṣọ Tiwa, Ojú Olójú

Láti nǹkan bí oṣù kẹta ọdún 2025, tí sísọ fótò di àwòrán bíi ti fíìmù Ghibli ti gbòde, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ ń gbé fótò wọn fún. Fótò ẹnì kan sábà máa ń dára. Ẹ wá gbé fótò ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Màmá fún un, níbi tí ènìyàn 15 ti tò nínú aṣọ ẹbí. Gèlè á yọ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú á di ojú olójú. Pélé Màmá á pòórá, èjí Bùọ̀dá á dí, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta á sì wá jọra bí ìbẹta.

Àyè ni kò tó ẹ̀rọ náà. Ká ní fótò yín fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, tí ojú Màmá gba 240 níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dín in kù sí 1024, ojú náà ò ju bí 60 lọ mọ́. Irú Stable Diffusion á tún ká píksẹ́lì mẹ́jọ-mẹ́jọ pọ̀ di ẹyọ kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti etí Màmá kan dé èkejì, ẹyọ méje tàbí mẹ́jọ ló kù. Níbo ni pélé fẹ́ gbà síbẹ̀? Ojú tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ni yóò fi dípò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Lójú ìwé `Inpaint` nínú áàpù Stable Diffusion, ẹ kun orí ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ sì yan `Only masked`. Ẹ̀rọ á gé ibẹ̀, á fẹ̀ ẹ́ lójú, á yà á, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. `Denoising strength` ló ń sọ bí àyípadà yóò ti pọ̀ tó: 0 kì í yí nǹkan kan padà, 1 á yà á látìbẹ̀rẹ̀. Fún ojú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.3, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kọjá 0.5, ìrísí ẹni sábà máa ń sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ fi júwe irú àwòrán tí ẹ fẹ́ fún gbogbo wọn, kí àwòrán wọn lè bára mu. Ẹ má sì kọ pé kí ó “rẹwà” o. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bó àwọ̀ ènìyàn, tó sì ń na ìhunjọ ojú àgbà.

Tí ojú bá tán, ẹ kun gbogbo ojú náà pọ̀, kí ẹ yan `Inpaint not masked`. Aṣọ àti ẹ̀yìn fótò nìkan ni ẹ̀rọ á fọwọ́ kàn; 0.6 kò pọ̀ jù níbẹ̀. Bí áàpù yín ò bá ní irú èyí, ẹ gé fótò náà sí ènìyàn méjì-méjì, kí ẹ tò wọ́n padà lẹ́yìn náà.

Ẹ wá pe ẹnì kan nínú ẹbí tí kò tíì rí i, kí ó dárúkọ wọn láti ọ̀tún dé òsì. Ẹni tó bá ṣiyèméjì lé lórí, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ onífúrémù.