Tí Ojúewé Yìí Bá Parẹ́ Lọ́la, Ibo La Ti Máa Rí Yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo ìsìn wa lórí fóònù, láti Láfẹ́ńwá títí dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí Emmanuel TV ti Wòlíì T. B. Joshua ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Yútúùbù ti ìkànnì náà pa, wọ́n ní ó rú òfin àwọn lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ èèyàn tó ti tẹ "Subscribe" níbẹ̀. A ò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni o. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé Yútúùbù kì í fún ẹni tó ni ìkànnì ní nọ́ńbà àwọn tó ń wò ó. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, orúkọ gbogbo wọn bá a lọ nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká lo Wasáàpù." Ó dáa, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni Wasáàpù àti Fesibúùkù. Ní October 4, 2021, àwọn méjèèjì jọ kú fún bíi wákàtí mẹ́fà ni. Nítorí náà, nọ́ńbà yín gan-an la fẹ́ kọ sínú ìwé. Tá a bá ti ní in, a lè pè yín, a sì lè fi tẹ́síìtì ránṣẹ́, kódà bí kò bá sí dátà.

Ní ti Wasáàpù, a ò fẹ́ gúrúùpù ńlá. Gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn níbẹ̀, àwọn oníjìbìtì á sì máa fi orúkọ pásítọ̀ tọrọ owó. "New broadcast" la máa lò, níbi tí kálukú ti ń gba iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èèyàn 256 ni ẹyọ kan ń gbà. Tá a bá jẹ́ 600, ó di mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti máa ń dà rú nìyí: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí iṣẹ́ náà gbà. Tá a bá ránṣẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a máa tẹ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, a ó sì wo "Info". Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ "Delivered to" tàbí "Read by", a máa pè é. Ó lè jẹ́ pé fóònù rẹ̀ ló kú, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì fi wá pamọ́.

A ò ní kó nọ́ńbà ẹnikẹ́ni láìbéèrè. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ká yọ òun, a máa yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́ òní, ẹ fi nọ́ńbà ìjọ pamọ́, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ àti àdúgbò yín ránṣẹ́ sí i. Ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí o, gbangba ni ibí. Ẹ bá wa gba ti ìyá àgbà tí fóònù rẹ̀ kò ní Wasáàpù náà.

Olùṣọ́ àgùntàn gbọ́dọ̀ lè ka agbo rẹ̀. Olúwa á pa gbogbo wa mọ́.