Iye Ènìyàn Kòsọ́fẹ́ Kì í Ṣe Iye Ènìyàn Kétu



Mo máa ń rí i nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa ń kọ sí ìjọba pé àwọn tí ń gbé Kétu ju 660,000 lọ. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Kétu. Iye tí Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè kà ní ọdún 2006 fún gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni, níbi tí Kétu, Ìkòsì, Agboyì, Ìṣẹrì, Ògùdù, Òjótà àti Ọ̀wọ́rọ́ńṣòkí ti jọ wà lábẹ́ orúkọ kan. Ọba Kétu kọ́ ni ó ń jẹ lórí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fi iye Kòsọ́fẹ́ pe Kétu ti gba ìlú onílùú mọ́ ìlú rẹ̀, bí àwọn aládùúgbò bá sì tako ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, wọn yóò jàre.

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ àwọn ìlú wa ti wọ ìwé ìjọba. Lóòótọ́ ni. Ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó pín Kòsọ́fẹ́ sí mẹ́ta, ó sì fi àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè méjì kún un: Agboyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrì. Ẹ wo orúkọ wọn dáadáa. Ìlú méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí èyí tí ó bá ààlà ọba kan mu. Yàtọ̀ sí èyí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Orílẹ̀-èdè yóò fi ṣe tirẹ̀. Títí dòní, Ìwé Òfin ọdún 1999 kò mọ̀ ju 774 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, 20 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. Àwọn wọ̀nyí ni ìkànìyàn ń tẹ̀ lé. Nígbà tí Èkó fúnra rẹ̀ ka ènìyàn ní 2006 tí ó sì rí ohun tí ó ju 930,000 lọ ní Kòsọ́fẹ́, abẹ́ 20 yìí kan náà ni ó to iye rẹ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á ni ó fa èyí. Kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gé ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ègé kéékèèké, tí òṣìṣẹ́ lè kà tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ègé kan kò gbọdọ̀ ré kọjá ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó ní kí ó má ré kọjá ààlà ọba. Títì, odò àti àwọn nǹkan mìíràn tí ojú rí ni wọ́n fi ń ya ègé. Igbó òrìṣà àti ojúbọ tí àwọn baba wa fi pààlà, kò di dandan kí wọ́n wà nínú rẹ̀.

Àjọ elétò ìdìbò náà kò yàtọ̀. Nínú wọ́ọ̀dù Kòsọ́fẹ́, wọ́n so Kétu kan mọ́ Alápẹrẹ, wọ́n sì so Kétu mìíràn mọ́ Ìkòsì àti Máìlì 12. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye olùdìbò Kétu nìkan kò lè rí i nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Kí ni kí a ṣe? Kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ ààlà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà: odò wo, ojúbọ wo, agbolé wo, kí àwọn àgbà ìlú tí ó pààlà pẹ̀lú rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni kí a bèèrè iye ènìyàn inú àwọn ègé tí ó wà láàárín ààlà náà lọ́wọ́ àjọ ìkànìyàn, kí a rò wọ́n pọ̀. Ègé tí ó bá wà ní ojú ààlà ni yóò fa wàhálà. Ká ní ìdajì rẹ̀ wà ní Kétu, ìdajì ní Ìkòsì: kí a kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí a sọ pé àpapọ̀ ìlú méjì ni. Kí a má fi ọwọ́ ara wa pín in.

Nǹkan kan wà tí ìṣirò yìí kò lè fún wa. Ìkànìyàn 1991 àti 2006 kò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti 1963 ni ó bèèrè kẹ́yìn. Iye oníṣẹ̀ṣe tí ó wà ní Kétu, àwa fúnra wa ni a ó kà á, láti ojúbọ dé ojúbọ, ní inú ààlà tí a ti kọ sílẹ̀. Mo rọ gbogbo ẹgbẹ́ tí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ojúbọ tàbí ilẹ̀ òrìṣà pé kí wọ́n yọ iye Kòsọ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, bí nọ́ńbà tí yóò rọ́pò rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Àṣẹ.