Fírísà Tí Kò Tutù: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọgbọ̀n Ọjọ́ Kọjá

Ní Peckham níbí, bí ọjà tí a rà bá ní àbùkù, ojú a máa tì wá láti dá a padà, pàápàá bí ẹni tó tà á bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Èrò tiwa ni pé ìtìjú yìí ń jẹ owó wa, nítorí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní gbèdéke ọjọ́.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ra fírísà £260 ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Rye Lane. Wọ́n gbé e wá sílé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 12, ẹran inú rẹ̀ ti yọ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ ní sùúrù, Mọ́mì, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Báyìí ni ó ń lọ tó ń bọ̀ títí di àárín oṣù Kẹrin.

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ fírísà náà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí ọjà dé ni kíkà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. "Ẹ padà wá" kò dá a dúró. Bí oníbàárà bá béèrè fún àtúnṣe tàbí pàṣípààrọ̀, tàbí tí ó gbà fún un, ìgbà náà ni kíkà tó dúró, títí ọjà yóò fi padà dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbọ̀n ọjọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì tán. A bá a kọ lẹ́tà, a sì béèrè fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní kí ó lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì nawọ́ sí pátákó ara ògiri pé àwọn kì í dá owó padà. Òfin kò gba èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹni tó ta ọjà ni yóò dáhùn, pátákó kò sì lè pa ẹ̀tọ́ rẹ́. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin gbà pé àbùkù náà ti wà nígbà tí ọjà dé, àfi bí òǹtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi tutù mọ́. Bí àtúnṣe bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó tó. A kọ lẹ́tà kejì pé a kọ ọjà náà. Nítorí pé kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọn kò lè yọ kọ́bọ̀ nítorí lílò tó ti lò ó. Òǹtajà gbà, ó sì san £260 pé. Òfin ní kí owó dé láàárín ọjọ́ 14 tí ó bá ti gbà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá ra fírísà fún ṣọ́ọ̀bù yín, òfin yìí kò bò yín. Òfin Ọjà Títà ti ọdún 1979 ni tiyín. Bí ẹ bá pẹ́ jù kí ẹ tó kọ ọjà, owó àdánù nìkan ni ẹ lè béèrè.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹran bá yọ́ ni kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú risíìtì. Lẹ́tà kíkọ kì í ṣe ìjà.