Ẹ Yé Fi Òróró Pa Káàdì Agbanisíṣẹ́, Ẹ Kọ Ímeèlì Sí I

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú, pàápàá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òjíṣẹ́. A ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan ti gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ á lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́ọ̀bù fíà, á pàdé ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan, onítọ̀hún á fún un ní káàdì. Wọ́n á ní kó gbé káàdì náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á da òróró sí i, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á ní olùrànlọ́wọ́ àyànmọ́ rẹ nìyẹn, kò ní lè sùn títí yóò fi pè ọ́. Ọmọ á wá jókòó sílé, á máa wo fóònù. A ti rí káàdì tí òróró rin débi pé a ò lè ka àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lára rẹ̀ mọ́!

A gbàgbọ́ nínú òróró, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó fún yín ní káàdì ṣe fẹ́ pè yín? Ẹ̀yin lẹ gba nọ́ńbà tirẹ̀, òun ò gba tiyín. Ó rí ojú rẹpẹtẹ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gbogbo wọn kí i dáadáa. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú yín ti pòórá lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 40. Jósẹ́fù pàdé olórí agbọ́tí Fáráò nínú ẹ̀wọ̀n. Ó túmọ̀ àlá rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ òun fún ọba. Ó tún ro ẹjọ́ ara rẹ̀: bí wọ́n ṣe jí òun gbé láti ilẹ̀ àwọn Hébérù, bí wọ́n ṣe jù òun sí túbú láìṣẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ agbọ́tí gbàgbé rẹ̀, ó di ọdún 2 gbáko. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèyàn burúkú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, iṣẹ́ sì bò ó. Ìgbà tí Fáráò fúnra rẹ̀ wá lá àlá tí kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ rẹ̀ ni agbọ́tí tó rántí. Ẹ wá wo ohun tó sọ níwájú ọba, ní orí 41. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin Hébérù kan wà, ìránṣẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ ni, inú ẹ̀wọ̀n ni àwọn ti pàdé, ó túmọ̀ àlá fún àwọn, bó sì ṣe túmọ̀ rẹ̀ gan-an ló rí. Ó tán. Kò sọ fún Fáráò pé wọ́n jí i gbé. Kò sọ pé ìyà ń jẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti pàdé, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe: ohun tó dé etí Fáráò nìyẹn.

Àṣìṣe tó wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ wa rò pé Fáráò ni ẹni tó dúró nídìí tábìlì níbi ìpàtẹ iṣẹ́. Agbọ́tí ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òun kọ́ ló ni àyè iṣẹ́. Ọ̀gá kan wà lọ́ọ́fíìsì, bóyá ẹnjiníà, bóyá akáúńtáǹtì, òun ló máa sọ pé ẹ mú ọmọ yìí wá ká rí i. Iṣẹ́ tí agbọ́tí lè ṣe fún yín kò ju pé kó gba ímeèlì yín, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yẹn. Nítorí náà, ọ̀gá tí kò rí yín rí ló máa ka ìwé yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti ẹkún nìkan ló wà nínú rẹ̀, kí ni agbọ́tí fẹ́ fi ránṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa tó ṣe ND nínú ìmọ̀ iná mànàmáná ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbí ní Ẹ̀sà-Òkè. Ó ń wá ibi tí yóò ti ṣe áítì ọdún kan kó tó padà lọ fún HND. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ó lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ní Òṣogbo, ó bá ìyá kan pàdé láti ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná olóòrùn. Ìyá náà bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan ínfátà rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun wà lára àwọn tó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gba káàdì.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí, bí a bá tú u kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì: “Ẹ káalẹ́ o, Mọ́mì. Èmi lẹ rí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá iṣẹ́ èyíkéyìí, opó ni ìyá mi, èmi sì ni àkọ́bí. Ọlọ́run yóò bùkún àwọn ọmọ yín.” Kò kọ nǹkan kan sí Subject. Sífíì rẹ̀, fóònù ló fi ya fọ́tò rẹ̀, igun kan ṣókùnkùn. Àdúrà tó wà níbẹ̀ dára, a sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n “èmi lẹ rí lónìí” kò yà á sọ́tọ̀ láàárín gbogbo àwọn yòókù. “Iṣẹ́ èyíkéyìí” kò sì sí ní ilé-iṣẹ́ kankan. Orúkọ ni iṣẹ́ máa ń ní.

A ní kó má tíì fi ránṣẹ́. A jókòó tì í, ó tún un kọ. Sídìí Subject ó kọ ọ́ pé òun ń wá áítì ọdún kan, ND iná mànàmáná, a pàdé ní Òṣogbo ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ìyá náà ní Mísíìsì pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó wà lórí káàdì, ìwé náà sì lọ báyìí:

“Mo dúpẹ́ pé ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì yín ní Ọjọ́bọ̀. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ láti Ẹ̀sà-Òkè tí a jọ sọ̀rọ̀ nípa ínfátà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gba ND nínú ìmọ̀ iná mànàmáná, mo sì ń wá ibi tí máa ti ṣe áítì ọdún kan. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó fi ínfátà 5 kVA sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, pẹ̀lú bátìrì 4 àti páànẹ́lì 8. Nígbà tí wáyà tó ti inú bátìrì bọ́ sínú ínfátà ń gbóná, èmi ni mo rí i pé ó tín-ínrín jù, a sì fi èyí tó nípọn pààrọ̀ rẹ̀. Mo lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láti oṣù tó ń bọ̀, mo sì lè gbé Òṣogbo tàbí Iléṣà. Ṣé ẹ lè sọ fún mi ẹni tó ń rí sí áítì ní ilé-iṣẹ́ yín, tàbí kí ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí i? Sífíì mi wà nínú rẹ̀.” Orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà fóònù ló fi parí rẹ̀.

Ẹ rí i pé kò gùn. Ohun tí agbọ́tí sọ fún Fáráò ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tó rọrùn láti dáhùn. Wáyà tó gbóná yẹn ni ẹ̀rí. Ẹnjiníà tó bá kà á yóò mọ̀ pé ọmọ yìí fọwọ́ kàn án lóòótọ́, nítorí ẹni tó kàn kà á nínú ìwé kì í rántí wáyà. Ọ̀rọ̀ tó wà ní Subject náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí kò bá sí àyè lónìí, tí àyè wá ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìyá yẹn á tẹ “ND” tàbí “Òṣogbo” sínú ibi tí wọ́n ti ń wá ímeèlì, orúkọ ọmọ wa á jáde. Ọjọ́ tí Fáráò lá àlá nìyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tó ń ba ìwé rere jẹ́. Sífíì gbọ́dọ̀ jẹ́ PDF, kí orúkọ yín wà lára fáìlì náà; tó bá jẹ́ “document1” ló ń jẹ́, yóò sọnù láàárín ogún mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí àdírẹ́sì ímeèlì tuntun tó jẹ́ orúkọ yín. Èyí tí ẹ fi ẹsẹ̀ Bíbélì tàbí orúkọ ìnagijẹ ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ má sì kọ ìwé kan ṣoṣo sí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn máa rí àdírẹ́sì ara wọn. Ní ti ọjọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì dára jù. Ọmọ wa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní àárọ̀ Ẹtì, kí òpin ọ̀sẹ̀ tó fọ ọpọlọ ìyá náà mọ́.

Bí wọn ò bá dáhùn ńkọ́? Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa á ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n á dá ọjọ́, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á padà dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀ títí owó fi máa jáde. Ẹ mú ìdajì rẹ̀, ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Ẹ padà lọ bí ọjọ́ ṣe pé: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dáhùn sábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn kan náà, gbólóhùn méjì péré, kí ó lè rí ìwé ti tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lílóṣòó ni ká fi sílẹ̀ o, nítorí ìyá yẹn kò jẹ yín lówó. Ẹni tó ń fi àwòrán “ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí á sàn yín” ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù láràárọ̀, yóò kàn tì í pa ni.

Ẹ sì ṣọ́ra. Bí ìdáhùn bá dé, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó bá ti káàdì mu? Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ tó jáde, ẹ dúró, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì. Olè ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ilé-iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní pásítọ̀ ti di ti ayé, pé ojú rere Ọlọ́run ni kì í kọ̀wé. Ẹ lọ bi Jósẹ́fù. Ojú rere wà lára rẹ̀ nílé Pọ́tífárì, ó wà lára rẹ̀ nínú túbú, síbẹ̀ ó lanu, ó sọ fún agbọ́tí ohun tó fẹ́. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ tí ẹ ń gba owó ìrúbọ lórí káàdì àwọn ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, inú ń bí wa sí i, a ò sì ní fi ṣe ẹ̀rín.

Ìyá yẹn dáhùn ní ọjọ́ kẹfà. Ó ní òun ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ, kó fi lẹ́tà áítì láti ilé-ìwé rẹ̀ kún un. Ó ti fi ránṣẹ́, a ń retí ohun tí ọ̀gá náà máa sọ, a sì ń gbàdúrà lé e.

Ẹni tó bá ní káàdì nílé, kó mú un wá ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìpàdé ọ̀dọ́, pẹ̀lú fóònù tó ní dátà. Ẹ má fi òróró sí i kẹ́ ẹ tó mú un wá o, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ lè ka àdírẹ́sì rẹ̀.