Ọgọ́ta Ìkọjá Àbúrò Mi

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin jáde kúrò nínú omi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Mítà 1,500 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú géérégé. Amẹ́ríkà ti mú mi yára sí i."

Kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé sọ́dọ̀ mi ní Hiúsítìn. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré. Mítà 1,500 ni ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú adágún gidi ni yóò sì ti wáyé, níbi tí kò sí ògiri tí èèyàn lè dì mú bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn tó tirẹ̀. Mo ti rí àkọlé tó wà lára ògiri níwájú mi: 25 YARDS.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni àwa méjèèjì. Ẹni tó bá ti wọn ańkárá rí mọ̀ pé yáàdì kò tó mítà. Mítà 0.9144 ni yáàdì kan. Nítorí náà, omi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ yáàdì 25 kò ju mítà 22.86 lọ. Ní gbogbo ìgbà tí àbúrò mi bá wẹ̀ láti etí kan dé èkejì, èyí tí mo ń pè ní ìkọjá kan, ohun tó fi dín sí ti Èkó ju mítà méjì lọ.

Kí ló dé tí aago kò fi mọ̀? Aago bẹ́ẹ̀ kì í wọn omi rárá. Ìfapá àti ìyípadà ní etí ògiri ló fi ń mọ ìkọjá, yóò wá fi gígùn tí a sọ fún un sọ iye ìkọjá náà di púpọ̀. 25m ni àbúrò mi ti yàn sínú rẹ̀ láti Èkó, kò sì yí i padà sí 25yd.

A jókòó, a ṣe ìṣirò náà. Mo pín 1,500 sí ọ̀nà 25, ó fún wa ní ìkọjá 60. Iye yẹn tọ̀nà. Mo wá fi 22.86 sọ 60 di púpọ̀: mítà 1,371.6. Ó ku mítà 128 àti díẹ̀ kó tó pé. Ìyára rẹ̀ náà sì yí padà. Aago ní ìṣẹ́jú méjì ló ń lò fún mítà 100. Òótọ́ rẹ̀ ni ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Bí kò bá dẹwọ́, mítà 1,500 yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 33.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn ni mo ṣe ń fapá ogún péré, tó jẹ́ pé méjìlélógún ni mo máa ń fà ní Èkó." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí ìfapá àti àkókò ìkọjá kan bá ṣàdédé dín kù lọ́jọ́ tí ẹ dé ibi omi tuntun, ẹ kọ́kọ́ béèrè gígùn omi náà kí ẹ tó yin ara yín.

Fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìṣirò onídẹ́símà nínú omi, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn: ìkọjá 12 nínú omi oníyáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 11 nínú ti onímítà. Ìyàtọ̀ wọn kò tó mítà kan. Ìkọjá 60 jẹ́ 12 lọ́nà márùn-ún, nítorí náà ó dà bí 55 ti Èkó. Láti pé mítà 1,500, ó gbọ́dọ̀ wẹ ìkọjá 66, èyí tó jẹ́ mítà 1,508 àti díẹ̀. Yáàdì 1,650 náà nìyẹn, ìwọ̀n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń díje dípò mítà 1,500.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn nìkan ni ìṣirò yìí bá mu délẹ̀. Ti àkókò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí omi bá ṣe kúrú tó ni èèyàn ṣe ń fẹsẹ̀ ti ògiri léraléra tó, títì yẹn sì máa ń fúnni ní ìyára ọ̀fẹ́. Ìgbà 59 ni àbúrò mi fẹsẹ̀ ti ògiri lọ́jọ́ náà, láìka ti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú adágún. Ìṣẹ́jú 33 tí a ṣírò yẹn, ó ṣeé ṣe kó lé sí i.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó yí aago náà sí 25yd. Mo jókòó sí etí omi, mo ń ka á. Nígbà tó pé 66, mo gbọ́wọ́ sókè kó dúró, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn. Ó yípadà, ó sì tún wẹ mẹ́rin sí i.