Ẹni Tó Wọlé Ló Ń Kí Ará Ilé: Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Ọmọ Kéú ní Ọ́fíìsì Èkó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé kéú wa ní Rẹ́mọ níbí, Èkó ni wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Aláúsà ní Ìkẹjà, tó sì fẹ́ wà níbẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Yóò bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ pàdé kó tó dé Bẹ́gà, yóò sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti máa bá ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn tí kò mọ̀ rí, tí iṣẹ́ ti wọ oníkálukú lára.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Gbèsè ìkíni ọjọ́ náà, ọrùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló wà. Gbogbo ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ san án fún, kì í ṣe àwọn tó jọ ọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó yẹ kó kí ẹnìkejì rẹ̀. Nínú hádíìsì tí Bukari àti Mùsílímù gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tó gun nǹkan ni kó kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń rìn ni kó kí ẹni tó jókòó, àwọn tí kò pọ̀ ni kó kí àwọn tó pọ̀. Ó tún wà nínú ti Bukari pé ọmọdé ni kó kí àgbà. Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ tuntun wa. Òun ló ń rìn bọ̀, àwọn tó kù jókòó sídìí tábìlì wọn. Òun nìkan ni, àwọn pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Kò sí ibi tó lè gbà tí ìkíni kò ní jẹ́ tirẹ̀. Ohun kan náà ni àṣà Yorùbá wí: ẹni tó wọlé ló ń kí ará ilé.

Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á gbé ojú sínú fóònù, wọ́n á máa retí ọ̀gá tó máa wá fi wọ́n han àwọn ènìyàn. Ìtìjú ló ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kò mọ̀ pé ìtìjú ni. Ìgbéraga ló máa pè é. Kí ọ̀gá tó dé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ láàárín ara wọn.

Nítorí náà, láti ẹnu géètì ni kí ìkíni ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ìyá tó ń gbálẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, gbogbo wọn ló yẹ kó gbọ́ ọ: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Orúkọ mi nìyí, òní ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀ka báyìí ni wọ́n ní kí n wá." Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ó kí, ó sọ orúkọ, ó sọ ohun tó bá wá. Kì í ṣe àsìkò láti máa sọ ìtàn ìdílé. Tó bá wọ inú yàrá ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sí, kó kí gbogbo wọn lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni kó wá máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa jókòó tì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún ọmọ kéú ni sàlámà. Ọmọbìnrin kan tó kàwé lọ́dọ̀ wa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún mi. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí obìnrin méjì tó wọ hìjáàbù, ó sàlámà sí wọn, wọ́n dá a lóhùn, inú wọn dùn. Àwọn márùn-ún mìíràn wà nínú yàrá kan náà. Ó gba iwájú wọn kọjá láìsọ nǹkan kan, nítorí ó ti kọ́ ọ nílé kéú pé a kì í kọ́kọ́ sàlámà sí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tó, wọ́n pe ara wọn, wọn kò pè é. Lọ́jọ́ kejì ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, bi í pé: "Ọmọ mi, ṣé àwa kì í ṣe ènìyàn ni?"

Hádíìsì tí ọmọ yìí rántí wà lóòótọ́, ìwé Mùsílímù ló wà, àwọn onímọ̀ sì ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ pé ká gba iwájú ènìyàn kọjá bí ẹni tó gba iwájú àga kọjá. Bukari àti Mùsílímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Usama ọmọ Saedi pé Ànábì kọjá níbi tí àwọn Mùsùlùmí, àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn Júù ti jókòó pọ̀, ó sì sàlámà sí wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wọ yàrá tí ẹlẹ́sìn púpọ̀ wà lè sàlámà lẹ́ẹ̀kan sí gbogbo ilé. Ní ti kíkí ẹni kọ̀ọ̀kan, Ìmáàmù Nawawi, tó kú ní ọdún 1277, mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ Al-Asikaaru pé tí ìdí bá wà láti kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, èèyàn lè lo ìkíni mìíràn, bí irú èyí tí wọ́n fi ń kí ara wọn ní òwúrọ̀. Ẹ ò rí i pé "ẹ kú àárọ̀" tiwa gan-an nìyẹn? Ọmọ Rẹ́mọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kí i láràárọ̀, kò yẹ kó dé Ìkẹjà kó wá gbàgbé bí a ṣe ń kíni.

Ọmọ náà padà lọ bá wọn. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà, n kò tíì kí yín dáadáa." Kò sàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn náà kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bíbọ ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Bukari àti Mùsílímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha pé ọwọ́ Ànábì kò kan ọwọ́ àwọn obìnrin tó wá bá a ṣe àdéhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi gba tiwọn. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú kì í ṣe pé o kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ó na ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ọwọ́ náà sì dúró sófuurufú. Nítorí náà, kí ìkíni rẹ ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Bí o bá ti ku ìṣísẹ̀ mélòó kan, gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, rẹ́rìn-ín músẹ́, kí o sì kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tún ní na ọwọ́ mọ́. Àṣà wa tún ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Bó bá sì ti na ọwọ́ ná, má fa ojú ro. Sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀sìn mi ni kò jẹ́ kí n bọ ọwọ́, inú mi dùn láti rí yín." Ẹni tí o bá ti kí bẹ́ẹ̀ kò ní pè ọ́ ní aláìmọ̀wàáhù.

Àwọn kan tún ń béèrè nípa dídọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Rẹ́mọ. Nínú ìwé Aké tó jáde ní ọdún 1981, Wọlé Ṣóyínká sọ bí òun ṣe kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kan ní Ìsarà, ìlú bàbá rẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó béèrè ìdí tí òun yóò fi dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn nígbà tí òun kì í dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́hun. Àwọn àáfáà wa kò fẹnu kò lórí rẹ̀: àwọn kan ní ìforíkanlẹ̀ ni, àwọn kan ní ọ̀wọ̀ lásán ni. N kò ní yanjú ìyẹn lónìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ́fíìsì Èkó kò béèrè rẹ̀. Ọ̀nà àárín tábìlì há, àwọn ènìyàn ń gbé fáìlì kọjá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń sáré. "Ẹ kú àárọ̀ sà" tí a dúró sọ, tí ojú wà lára ẹni tí a ń kí, ti tó.

Kí a sì máa pe gbogbo ènìyàn ní "ẹ" lọ́jọ́ náà, títí kan ẹni tó dà bíi pé o jù ú lọ. Ó lè jẹ́ òun lọ̀gá. Má sáré pe obìnrin ní "Àǹtí" tàbí "Mọ́mì" nítorí pé ó dàgbà. Òmíràn nínú wọn gbà pé ọjọ́ orí rẹ̀ lo kí, pé o fojú fo ipò rẹ̀. Bi í léèrè: "Kí ni kí n máa pè yín, mà?" Ohun tó bá sọ ni kí o mú.

Ìkíni náà ní àsìkò tí kò yẹ. Nawawi kan náà ka àwọn tí kò yẹ ká máa sàlámà sí, bí ẹni tó ń kírun, ẹni tó ń sùn àti ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé a kì í fi ìkíni ni ẹni tí kò lè dáhùn lára. Ẹni tó wà lórí fóònù tàbí tí oníbàárà jókòó níwájú rẹ̀, irú wọn nìyẹn ní ọ́fíìsì. Ju orí sí i, kí o sì padà wá nígbà tó bá ráyè. Ìpadàwá yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ kì í rántí.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìkíni rẹ wọlé? Àlùkùránì, nínú Súúrà Nísáì, ẹsẹ̀ 86, pa á láṣẹ pé ẹni tí wọ́n bá kí, kó fi èyí tó dára jù ú lọ dáhùn, tàbí kó dá irú rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá kàn ń dáhùn "hẹ̀n", o kò tíì dúró tó níwájú wọn. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè kún un, "Ibo lẹ ti ń bọ̀? Ṣàgámù! Láàárọ̀ yìí?", ìkíni rẹ ti wọlé nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, má ṣe yọ́ jáde. Abu Dawuda àti Tirimisi gbà á wá pé ìkíni àbọ̀dé kò ṣe pàtàkì ju ti ìgbà tí a bá ń dìde lọ. Sọ fún wọn pé, "Ó dàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́," kí o tó gba ọ̀nà Bẹ́gà lọ. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa lálọ àti lábọ̀.