Eélòó Ni Wọ́n Fẹ́? Lẹ́tà Gbangba sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bá Oníṣòwò Kọ Ìwé Àbá

Ẹ̀yin ará mi n'Íjẹ̀bú-Òde,

Inú ń bí mi sí yín, n kò sì ní fi bò. Ọdún 17 ni mo fi jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ẹni tó fẹ́ yáwó wò, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti ìyá kan tó ń ṣe gaàrí. Ìwé àbá rẹ̀ tó ojú-ewé 38, páálí dúdú ni wọ́n fi dì í, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ wa ń lọ sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, awakọ̀ ti tan mọ́tò sílẹ̀ dè é. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ṣí ìwé náà, ó ka ojú-ewé tí ẹ pè ní àkótán láti òkè délẹ̀, ó wá bi mí pé, "Eélòó ni wọ́n fẹ́?"

Ẹnu mi wọhò. Iye owó kankan kò sí níbẹ̀. A ṣí ìwé títí, a bá mílíọ̀nù 9 náírà lójú-ewé 14. Nígbà tó dé ojú-ewé 22, ó ti di mílíọ̀nù 11 àti ààbọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ti rántí owó ọkọ̀ àti owó ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ pa ìwé dé. Ó ní, "Ẹ ní kí wọ́n lọ mọ iye tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n padà wá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí ló wá kún ojú-ewé àkọ́kọ́ yẹn? Ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ìlérí pé yóò di àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ìpínrọ̀ gígùn kan tó ń ṣàlàyé pé àwọn ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn gaàrí. Ta ni ẹ ń sọ ìyẹn fún? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ń mu gaàrí kíkan láti kékeré? Irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá nínú ìwé yín lọ́dọọdún, ẹ kàn ń fi adìyẹ tàbí omi inú ọ̀rá rọ́pò gaàrí ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń yáwó. Ẹni tó bá lọ bá olórí alájọ lọ́jà Òkè-Ajé kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ọdún tí wọ́n bí i. Tó bá ti kí i tán, ohun mẹ́rin ló máa sọ: iye tó fẹ́, ohun tó fẹ́ fi ṣe, bí yóò ṣe dá a padà, àti onídùúró rẹ̀. Àkótán ìwé àbá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yá ni lówó kì í fẹ́ ààbọ̀; odidi iye ló fẹ́ gbọ́.

Mo tún ojú-ewé yẹn kọ fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ìwé wọn náà ni mo ti ṣa gbogbo rẹ̀. Báyìí ló lọ:

"A ń tọrọ mílíọ̀nù 11 àti ààbọ̀ náírà láti ra ẹ̀rọ tó ń fún omi ẹ̀gẹ́ kan àti ẹ̀rọ ìyangaàrí méjì, owó ọkọ̀ àti owó ìgbékalẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lónìí, tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ méjì là ń ṣe lójúmọ́, ó ń di àpò gaàrí 9, olókìlógíráàmù 50. A kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé agbada la fi ń yan án. Àwọn ẹ̀rọ yìí yóò sọ ọ́ di àpò 18. Àpò 9 tó lé yẹn, lọ́jọ́ iṣẹ́ 22, jẹ́ àpò 198 lóṣù. Èrè wa lórí àpò kan jẹ́ 4,000 náírà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 792,000. Owó tí a ó máa san padà lóṣù, tèlé-tèlé, fún oṣù 24 kò ju 671,000 lọ. Ohun tó lè dí wa lọ́wọ́ ni ọ̀wọ́n ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí èrè orí àpò bá já sí 3,300, owó oṣù kò ní pé. Nítorí èyí la ṣe gbin ẹ̀gẹ́ tiwa sí ilẹ̀ éékà mẹ́fà. Oníbàárà méjì ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò máa ra àpò wọ̀nyí. Ìwé ilẹ̀ wa la fi ṣe onídùúró. A fẹ́ kí ẹ rán ẹni wá wo ibi iṣẹ́ wa láàárín oṣù yìí."

Ẹ ka ìyẹn sókè, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tún wo ìparí rẹ̀: kò ní kí dáírẹ́kítọ̀ sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìṣẹ́jú méjì fọwọ́ sí mílíọ̀nù 11. Ohun tí dáírẹ́kítọ̀ ń fi ìṣẹ́jú méjì pinnu ni bóyá ìwé náà yóò dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tàbí yóò padà sínú dúrọ́ọ̀. Ojú-ewé yẹn nìkan ló sì sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀; ojú-ewé 37 yòókù á dúró sọ́dọ̀ mi.

Ẹ tún wo ibi tí mo ti dárúkọ ewu. Ẹ máa ń fi í pamọ́. Dáírẹ́kítọ̀ tó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di gaàrí tọ́ọ̀nù kan mọ̀ pé ọ̀wọ́n ẹ̀gẹ́ lè pa òwò náà. Tí kò bá rí i kà, yóò rò pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, tàbí pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ fẹ́ tan òun.

Mo gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ ní oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún ìwé tín-ín-rín. Òótọ́ ni, mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ wọn ìwé wò kó tó sanwó. Ẹ ní àwọn ọ́fíìsì kan wà tó jẹ́ pé ìtàn ilé-iṣẹ́ ni fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè kọ́kọ́. Mo gbà, ẹ kọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kí iye owó má sí nínú àkótán. Ohun tó fa ìyẹn ni pé ẹ ń kọ àkótán kí iṣẹ́ inú ìwé tó parí, ẹ kò sì padà sí i mọ́. Ìgbẹ̀yìn là ń kọ ọ́.

Ìwé gígùn tó ń bo kókó kì í ṣe wàhálà ilé wa nìkan. Lóṣù kẹjọ 1940, tí ogun gbóná, Winston Churchill tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ìwé wọn gùn jù: kí wọ́n kó kókó sí ìpínrọ̀ kúkúrú, kí àlàyé tó pọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹni tí bọ́ǹbù ń bọ̀ wá bá ṣì ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ níkúkúrú.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ fi ojú-ewé àkótán yín han ẹni tí kò mọ òwò náà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í ní iye, ìlò, ìsanpadà àti onídùúró. Ohun tí kò bá rántí, ẹ tún un kọ.

Ìyá yẹn kò padà wá. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún un ti tà á fún ẹlòmíràn. Mo pàdé rẹ̀ l'Ókè-Ajé lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣì ń fi agbada yan gaàrí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló tiẹ̀ wà nínú ìwé ọjọ́sí?" Òun fúnra rẹ̀ kò lè kà á, ó sì san 150,000 náírà fún ẹni tó kọ ọ́. Mo bi í pé eélòó gan-an ló fẹ́ nígbà náà.

Kò ronú rárá. Ó ní, "Mílíọ̀nù mọ́kànlá àti ààbọ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀."

Èmi ni,
Ẹni tó ti ń ka ìwé yín tipẹ́